Fúláàtì Oníyàrá Méjì ní Lọ́kọ́ja: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìpolówó Tó Wuni Tí Kò sì Parọ́

“Fúláàtì oníyàrá méjì tó dùn-ún wò, títun, àdúgbò tó fọkàn balẹ̀, iná wákàtí 24, omi ń ṣàn tọ̀sán tòru, kò sí wàhálà àgbàrá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré sí títì.” Irú ìpolówó yìí ló kún orí fóònù ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ilé ní Lọ́kọ́ja. Ẹni tó kà á tán kò tíì mọ nǹkan kan nípa ilé náà. Kò mọ bí yàrá ṣe fẹ̀ tó, kò mọ ẹni tó ń fa omi, kò sì mọ iye tí òun máa kà sílẹ̀ kí wọ́n tó fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí ilé náà tètè lọ.

Lọ́kọ́ja ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Kogí láti 1991 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá láti Kábbà tàbí Òkènè, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fi fóònù ṣa ilé méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó wọkọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á san owó ọkọ̀, wọ́n á san owó ìyẹ̀wò fún ajẹ́ńtì. Bí ohun tí wọ́n bá bá nílẹ̀ kò bá jọ ohun tí wọ́n kà, wọ́n á padà, onílé á sì tún máa retí ẹlòmíì. Ìpolówó tó parọ́ kì í jẹ́ kí ilé yá; ó kàn ń mú kí àwọn tó máa kọ̀ ọ́ pọ̀ lẹ́nu géètì ni.

Ìlànà tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò le. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn tó bá wá sí wa lẹ́nu, ká yọ ọ́, ká sì fi ohun tí ẹni tó bá wá lè wọ̀n, tó lè fojú rí, tàbí tó lè bi aládùúgbò léèrè rọ́pò rẹ̀. Ohun bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń fa ayálégbé mọ́ra, nítorí òun náà ló ń wá. Ní Lọ́kọ́ja, mẹ́rin ló ṣe kókó: ìwọ̀n yàrá àti atẹ́gùn inú rẹ̀, iná àti omi, odò, àti owó.

Kí a tó kọ ohunkóhun, a ní láti dé ilé náà pẹ̀lú tépù. Ọ̀pọ̀ onílé ló máa sọ pé yàrá òun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tọkàntọkàn ló sì fi ń sọ ọ́, nítorí nọ́ńbà tí àwọn bíríkìlà sọ fún un nìyẹn nígbà tí wọ́n ń ta okùn ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ láti ẹ̀yìn ògiri kan dé ẹ̀yìn ògiri kejì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, bílọ́ọ̀kù ti jẹ ínṣì 9 lápá kan, ó sì jẹ ínṣì 9 lápá kejì. Ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ ti lọ nìyẹn. Tí a bá tún yọ pílásítà ojú ògiri méjèèjì, yàrá 12 di 10 àti ààbọ̀ tí kò pé. Inú yàrá ni kí a ti wọ̀n ọ́n, láti ojú pílásítà dé ojú pílásítà. Bí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ bá wà tí wọ́n mọ mọ́ ògiri, kí a sọ bóyá a kà á mọ́ ọn tàbí a kò kà á.

Nọ́ńbà nìkan kò tíì tó, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè fojú inú wo ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 9. Bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo wa mọ̀. Nínú yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 9, bẹ́ẹ̀dì 6 sí 6 máa ṣẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta péré kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó jìn ní ẹsẹ̀ méjì máa gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní ṣí tán. Bẹ́ẹ̀dì 6 sí 4 àti ààbọ̀ ló bá irú yàrá bẹ́ẹ̀ mu. Kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “yàrá kejì gba bẹ́ẹ̀dì 6 sí 4½ àti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan.” Tọkọtaya tó ní ọmọ kékeré kan á rí i pé ó tó àwọn. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí kálukú wọn ní bẹ́ẹ̀dì ńlá á mọ̀ pé kò tó àwọn, wọn kò sì ní da ara wọn láàmú wá.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ooru ló kàn. Ẹni tó bá ti lo oṣù Kẹta ní Lọ́kọ́ja, níbi tí ìlú wà láàárín odò àti Òkè Pati, kò ní béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ fèrèsé fi ṣe pàtàkì. Fèrèsé tó wà lára ògiri méjì ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú yàrá kọjá. Èyí tó wà lára ògiri kan ṣoṣo kì í jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó fẹ̀ tó. Yàrá tí ògiri rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn máa ń gba oòrùn ìrọ̀lẹ́, bílọ́ọ̀kù á sì máa tú ooru náà sílẹ̀ títí di òru. Nítorí náà, ó dára kí a dúró nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí a ṣí fèrèsé, kí a fọwọ́ kan ògiri. Gbólóhùn kan ṣoṣo, “pálọ̀ ní fèrèsé lára ògiri méjì, oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í wọ ibẹ̀,” wúlò fún ẹni tó ń wá ilé ní Lọ́kọ́ja ju “dùn-ún wò” mẹ́wàá lọ.

Nípa iná, irọ́ tó wọ́pọ̀ jù ni “wákàtí 24”. Iléeṣẹ́ AEDC ló ń pín iná fún Lọ́kọ́ja, wọ́n sì ti to àwọn oníbàárà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tí wọ́n ṣèlérí lójúmọ́: Báńdì A kò gbọ́dọ̀ dín sí wákàtí 20, B 16, D 8, E 4, C sì wà láàárín pẹ̀lú 12. Kò sí èyí tó ṣèlérí 24 nínú wọn. Ohun tó ń pinnu báńdì ni fídà tó ń gbé iná wá sí transfọ́mà àdúgbò, ilé méjì tó kọjú síra lè wà lórí fídà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Báńdì A tún wọ́n gan-an ju àwọn yòókù lọ láti oṣù Kẹrin 2024, torí náà “iná pọ̀” láìsọ báńdì fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó máa máa ra yúnìtì. Kí a wo báńdì lórí rìsíìtì tí ayálégbé tó ń jáde fi ra iná kẹ́yìn, kí a bi aládùúgbò méjì bóyá ìlérí náà ń ṣẹ, kí a wá kọ báńdì náà pẹ̀lú oṣù tí a wádìí rẹ̀, torí wọ́n lè gbé fídà sókè tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Rìsíìtì yẹn tún máa fi hàn bóyá gbèsè àtijọ́ wà lórí mítà. Ibẹ̀ ni ayálégbé tuntun ti máa ń kọ́kọ́ bínú: ó ra iná, wọ́n yọ gbèsè ẹni tó kó jáde nínú rẹ̀.

Omi náà gba ìbéèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Kànga ẹ̀rọ wà” lè jẹ́ òótọ́ kí omi má sì dé inú ilé. Mélòó ni àwọn tó ń pín tàǹkì náà? Ta ló ń tan ẹ̀rọ tó ń fà á, ta ló sì ń san owó iná tàbí epo rẹ̀? Ṣé omi ń gòkè dé balùwẹ̀ fúláàtì tó wà lókè? Èyí tó rọrùn jù láti wádìí ni kí a ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tó wà nínú fúláàtì lẹ́ẹ̀kan náà, kí a wò bóyá ti balùwẹ̀ ṣì ń dà nígbà tí ti ilé ìdáná bá ń dà. Kí a sì béèrè ti oṣù Kẹta lọ́tọ̀, torí kànga tó kún ní oṣù Kẹsàn-án lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Níbi ọ̀rọ̀ odò ni ìpolówó Lọ́kọ́ja ti yàtọ̀ sí ti ìlú mìíràn. Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé pàdé níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi tó pọ̀ jù nínú odò méjèèjì fi ń pàdé níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2012, omi ya wọ ìlú. Ní 2022, ó tún ya, ó sì ga ju ti 2012 lọ. Adankolo, Kabawa àti Ganaja wà lára àwọn ibi tó kàn. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn kọjá níbi tí mọ́tò ti ń rìn tẹ́lẹ̀ ní ọ̀nà Ganaja. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni omi náà máa ń ga jù, nígbà mìíràn òjò Lọ́kọ́ja fúnra rẹ̀ lè má pọ̀ lọ́jọ́ náà, torí láti òkè odò ni omi ti ń bọ̀: láti ọ̀nà Kàìńjì àti Jẹ́bà lórí Ọya, àti láti Kámẹrúùnù lórí Bẹ́núé, níbi tí ìsédò Lagdo wà.

Ẹni tó wá wo ilé ní oṣù Kejì kò ní rí àmì kankan bí kò bá mọ ohun tó yẹ kó wò. Kí ẹni tó ń kọ ìpolówó bá a wò ó. Omi tó dúró nínú ilé máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára ògiri ní gíga kan náà yí gbogbo ilé po. Ọ̀dà tuntun lè bò ó nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé àti ẹ̀yìn fẹ́ńsì kì í sábà rí ọ̀dà. Pílásítà ìsàlẹ̀ á máa ṣí, ohun funfun bí iyọ̀ á máa yọ lára rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn pákó á ti wú. Bí a bá rí i pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àkọ́kọ́ lára ògiri nìkan ni wọ́n tún rẹ́, kí a béèrè ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a lọ bá ẹni tó ti ń tajà ládùúgbò náà tipẹ́, kí a má bi í pé “ṣé omi máa ń wọ ibí?” nítorí ẹni tí kò fẹ́ ba ọjà onílé jẹ́ á ní rárá. Kí a bi í pé, “Ní 2022, ibo lomi dé?” Á nawọ́ sí ibì kan.

Ohun tó nawọ́ sí yẹn la máa kọ. “Kò sí wàhálà àgbàrá” jẹ́ ìlérí nípa ọjọ́ iwájú, kò sì sí onílé tó lè mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ nílùú tí odò méjì ti pàdé. “Omi kò wọ ọgbà yìí ní 2012 àti 2022, gẹ́gẹ́ bí àwọn aládùúgbò ti sọ” jẹ́ ìròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè lọ wádìí rẹ̀. Èyí kejì yìí ló tún ń fi ọkàn ayálégbé balẹ̀ jù, torí ó ní ọdún nínú. Ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀: ilé lè gbẹ kí títì tó lọ síbẹ̀ rì, kí ẹni tó ń gbébẹ̀ má lè dé ibi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bí omi bá sì ti wọ ilé náà rí, kí a kọ ọ́, kí a sọ ibi tó ga dé àti ohun tí onílé tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan á sá. Àwọn tó bá dúró á mọ̀ pé owó ilé náà ti wálẹ̀ nítorí rẹ̀, wọ́n á sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n máa gbé ẹrù sókè.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa ń fi pamọ́ jù. Wọ́n á kọ owó ilé nìkan, ayálégbé á wá débẹ̀ bá owó ajẹ́ńtì, owó àgírímẹ́ǹtì, àti owó tí wọ́n ń fi pamọ́ de ohun tó bá bàjẹ́. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦600,000 lọ́dún, tí ajẹ́ńtì gba ìdá mẹ́wàá, tí àgírímẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá, tí owó àfipamọ́ sì jẹ́ ₦50,000. Ọdún àkọ́kọ́ di ₦770,000, ọdún kejì di ₦600,000. Nọ́ńbà méjèèjì ló yẹ kó wà nínú ìpolówó, pẹ̀lú bóyá owó àfipamọ́ ń padà sọ́wọ́ ayálégbé nígbà tó bá ń kó jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá fi gbogbo rẹ̀ kọ ìpolówó kan. Ká ní fúláàtì náà wà ní Lokongoma, tó jìnnà sódò ju Adankolo lọ, ká sì ní a ti wọ̀n ọ́n, a ti béèrè, a ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Àpẹẹrẹ ni ilé yìí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni irú èyí tí a lè wádìí:

“Fúláàtì oníyàrá méjì ní Lokongoma Fésì Tú, Lọ́kọ́ja. ₦600,000 lọ́dún, àpapọ̀ ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ₦770,000; owó àfipamọ́ ₦50,000 inú rẹ̀ ń padà sọ́wọ́ ayálégbé nígbà tó bá ń kó jáde.

Fúláàtì yìí wà lókè nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní fúláàtì mẹ́rin, nínú ọgbà oní-fẹ́ńsì tó ní géètì. Wọ́n kọ́ ilé náà ní 2015. Wọ́n kun inú rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ táìlì balùwẹ̀ méjèèjì lọ́dún yìí. Pálọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 12, ó ní fèrèsé lára ògiri méjì, atẹ́gùn ń gbà á kọjá dáadáa. Yàrá ńlá jẹ́ 12 sí 11, ó ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Yàrá kejì jẹ́ 10 sí 9, ó gba bẹ́ẹ̀dì 6 sí 4½ àti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń kan ògiri rẹ̀. Balùwẹ̀ kejì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé ìdáná ní kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, kò ní tòkè.

Fúláàtì yìí ní mítà tirẹ̀, kò sí gbèsè lórí rẹ̀. Báńdì B ni fídà náà nígbà tí a wò ó lóṣù Kejì. Kànga ẹ̀rọ kan àti tàǹkì lítà 2,000 ni fúláàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pín. Wọ́n ń fa omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ń dá owó iná rẹ̀. Omi odò kò dé ọgbà yìí tàbí títì rẹ̀ ní 2012 àti 2022, gẹ́gẹ́ bí àwọn aládùúgbò méjì ti sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́sẹ̀ ni láti géètì dé títì ọlọ́dà. Ilẹ̀ amọ̀ ni ọ̀nà tó wọlé, ó máa ń yọ̀ lójò, ṣùgbọ́n mọ́tò kékeré ń wọ̀ ọ́. Àyè wà fún mọ́tò kan fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan.”

Ẹ wò ó pé “títun” ti kúrò níbẹ̀. Ilé tí wọ́n kùn kì í di ilé tuntun. Ọdún tí wọ́n kọ́ ọ àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ ti sọ èyí tó kù. “Ìṣẹ́jú márùn-ún sí títì” ti di ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́sẹ̀, torí ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọ̀kadà lè jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àbùkù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: yàrá kejì kéré, oòrùn ń kàn án, ilé ìdáná kò ní kọ́bọ́ọ̀dù òkè, tàǹkì jẹ́ ti gbogbo ilé, ọ̀nà ń yọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ẹni tó bá wá kò ní fojú ara rẹ̀ rí láàárín wákàtí kan. Nígbà tó ti kà á kó tó wá, kò ní lè fi dúnàádúrà lẹ́nu géètì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú onílé nínú irọ́, á sì gba ìyókù gbọ́ nítorí a kò fi ìwọ̀nyí pamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí àwòrán rí: kí a dúró ní igun yàrá, kí a má lo kámẹ́rà tó ń fẹ ògiri, kí fọ́tò ọ̀nà tó wọlé sì wà lára wọn.

Òfin wà lẹ́yìn gbogbo èyí. Òfin Àpapọ̀ lórí Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti 2018 kọ̀ fún ẹni tó ń tajà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ fún aráàlú láti fi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà polówó rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ náà ní ẹgbẹ́ tiwọn, NIESV, láti 1969, àti ìgbìmọ̀ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1975 láti máa bójú tó wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ajẹ́ńtì àdúgbò kò sí lábẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣòfin ní 1991 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn tó ń bá èèyàn ta ilé láti parọ́ nípa rẹ̀, wọ́n sì to àwọn ohun tí irọ́ náà lè dá lé lórí lẹ́sẹẹsẹ: ibi tí ilé wà, ìrísí rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àtàwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fagi lé òfin yẹn ní 2013 torí òfin ààbò oníbàárà tó gbòòrò jù ú lọ ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú títo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀ ṣì wúlò fún ẹni tó bá jókòó kọ ìpolówó ní Lọ́kọ́ja: kí a tọ́ka sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí a bi ara wa pé ta ló sọ ọ́ fún wa, tàbí ibo la ti rí i. Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, kí ó jáde.

Nígbà tí ìpolówó bá ti jáde, ìpè tó ń wọlé ló máa sọ bó ṣe dára tó. Bí èèyàn mẹ́ta bá pe tí gbogbo wọn ń béèrè bóyá ajá lè gbé inú ọgbà, kí a fi ìdáhùn rẹ̀ kún un lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí wọ́n bá wá wò ó tí wọ́n ń padà láìgbà á, kí a béèrè ohun tí wọ́n rí tí wọn kò retí, nítorí ohun náà ni àpèjúwe wa kò sọ. Bí báńdì bá yí padà, tí onílé bá fi owó kún un, tàbí tí tàǹkì bá jò, kí a tún un kọ kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì gba ilé náà, kí a yọ ìpolówó rẹ̀ kúrò, torí ìpolówó ilé tí kò sí mọ́ ń mú kí ẹnìkan san owó ọkọ̀ wá lásán.